Ìdákẹ́ Kì í Ṣe Ikú: Èdè-Ìperí fún Ẹ̀rọ-Oríta Méjì tí ó ń Ṣe Bí Ẹyọ Kan

1. Ìfáárà

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ fún ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń gbà so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ẹ̀rọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti láti ṣàlàyé àrùn tí ó lè kọlu irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí okùn tí ó wà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì bá já. Orúkọ tí àwọn tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ fún àrùn náà ni èyí tí a bá túmọ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, yóò di 'ọpọlọ tí ó pín sí méjì'. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú orúkọ yìí ní Yorùbá yóò rò pé ìwà wèrè ni ẹ̀rọ náà ń hù, tàbí pé nǹkan kan nínú rẹ̀ ti fọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí àrùn yìí bá dé, ara ẹ̀rọ méjèèjì le koko. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀ mọ́, ó sì gbà pé ẹnìkejì náà ti kú. Bí orúkọ bá ṣi ènìyàn lọ́nà, ìwòsàn náà yóò ṣìnà. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, kí á tó fún àwọn nǹkan inú rẹ̀ lórúkọ.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ni ó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, tí olúkúlùkù sì ní orúkọ tirẹ̀ fún un, ọ̀nà ti ilé-iṣẹ́ Sísíkò, lórí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tí a ń pè ní Nẹ́kísọ́ọ̀sì, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ tí ọ̀nà náà ń jẹ́ lójú ẹ̀rọ ni `vpc`. Gbogbo iye ìṣẹ́jú-àáyá tí a ó dárúkọ jẹ́ iye tí ẹ̀rọ náà bá dé, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà.

2. Ẹ̀rọ-oríta àti ìdìpọ̀-okùn

Ẹ̀rọ tí ó ń gba ìsọfúnni láti inú okùn kan, tí ó ń wo àdírẹ́sì ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, tí ó sì ń darí rẹ̀ sí okùn mìíràn, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní súwíìṣì. Ṣùgbọ́n súwíìṣì ti ní iṣẹ́ mìíràn ní ẹnu wa: òun ni ohun tí a ń tẹ̀ lára ògiri kí iná lè tàn tàbí kí ó kú. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín kì í tan nǹkan, kì í sì í pa nǹkan. Ó ń ṣe bí oríta tí ọ̀nà púpọ̀ ti pàdé, tí olúkúlùkù arìnrìn-àjò sì ti ń yà sí ibi tí ó ń lọ. Nítorí náà a dábàá *ẹ̀rọ-oríta*. Èyí tí ó wà ní àárín gbogbo rẹ̀, tí àwọn yòókù ń gbà kọjá, ni *ẹ̀rọ-oríta gbùngbùn*. Ìsọfúnni tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá ni a ó máa pè ní *ìdì*, nítorí pé dídì ni a ń dì í, tí a sì ń kọ àdírẹ́sì sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí okùn kan kò bá tó fún iṣẹ́, ènìyàn lè fi okùn méjì so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ẹ̀rọ-oríta kan, kí ó sì sọ fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n ka okùn méjèèjì sí ẹyọ kan. Èyí ni *ìdìpọ̀-okùn*. Okùn kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ni *ẹsẹ̀*. Òfin tí ó wà fún un, èyí tí àwọn onímọ̀ iná mànàmáná fọwọ́ sí ní ọdún 2000 ní abẹ́ nọ́ńbà 802.3ad, gbà pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan ìdìpọ̀ náà. Bí ẹsẹ̀ kan bá já, èkejì yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ-oríta fúnra rẹ̀ bá kú, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò bá a lọ.

Ibí yìí ni ẹ̀rọ-oríta kejì ti wọlé. A so ẹsẹ̀ kan mọ́ ẹ̀rọ kìíní, a so ẹsẹ̀ kejì mọ́ ẹ̀rọ kejì, a sì jẹ́ kí ẹ̀rọ méjèèjì máa fi orúkọ kan náà dá kọ̀ǹpútà náà lóhùn. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rọ kan ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Èyí ni a ó pè ní *ìdìpọ̀-okùn ẹlẹ́rọ-méjì*. Kí àlàyé lè rọrùn, a ó sọ ẹ̀rọ-oríta gbùngbùn méjèèjì ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. A ó sì so kọ̀ǹpútà olùpèsè kan mọ́ wọn, ẹsẹ̀ kan sí Táíwò, ẹsẹ̀ kan sí Kẹ́hìndé, tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé gígábíìtì 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ó yẹ kí á ṣàkíyèsí pé olùpèsè kì í fi ìdì kan náà ránṣẹ́ gba ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó máa ń ṣe ìṣirò lórí àdírẹ́sì tirẹ̀ àti ti ẹni tí ó ń kọ̀wé sí, àti, bí a bá tò ó bẹ́ẹ̀, lórí nọ́ńbà tí a fi dá ìjíròrò kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Èsì ìṣirò yìí ni ó ń sọ ẹsẹ̀ tí ìjíròrò náà yóò gbà. Bí kò bá sí ohun tí ó yí padà, ẹsẹ̀ kan náà ni ìjíròrò náà yóò máa gbà títí yóò fi parí. A ó nílò kókó yìí níwájú.

3. Okùn-àárín àti iṣẹ́ rẹ̀

Kí Táíwò àti Kẹ́hìndé tó lè ṣe bí ẹyọ kan, wọ́n gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìdáwọ́dúró. Okùn tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ ni *okùn-àárín*. Ó tọ́ kí ó jẹ́ okùn méjì, ó kéré tán, tí a dì pọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé okùn kan ṣoṣo ni ìdílé gbẹ́kẹ̀ lé.

Iṣẹ́ méjì ni okùn-àárín ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni ìròyìn: bí Táíwò bá mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan wà ní ibi báyìí, ó ń sọ ọ́ fún Kẹ́hìndé, kí ìmọ̀ àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Èkejì ni ẹrù: bí ìdì kan bá dé ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé, tí ẹni tí ó ni ín kò sì ní okùn kankan sí ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé, okùn-àárín ni ìdì náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ Táíwò.

Òfin kan wà tí ó dáàbò bo iṣẹ́ kejì yìí. Ìdì tí ó bá ti gba okùn-àárín wọlé kò gbọdọ̀ gba ẹsẹ̀ ìdìpọ̀ kankan jáde, níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ kejì ìdìpọ̀ náà bá wà láàyè. Bí kò bá sí òfin yìí, ìkéde kan tí Kẹ́hìndé fi ránṣẹ́ sí olùpèsè yóò tún gba ọ̀dọ̀ Táíwò dé ọ̀dọ̀ olùpèsè kan náà, ẹni kan yóò sì gba ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú àwọn méjèèjì, a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó jẹ́ *olórí* àti ẹni tí ó jẹ́ *igbákejì*. Nọ́ńbà ni a fi ń yàn wọ́n, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré jù ni olórí. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan a máa bá 32667 dé. Bí a bá fún Táíwò ní 1000, tí a sì fún Kẹ́hìndé ní 2000, Táíwò ni olórí. Ẹ̀rọ náà kò mọ àṣà wa tí ó fi Kẹ́hìndé ṣe ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí okùn-àárín bá wà, ipò olórí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó ń gbé ẹrù. Ọjọ́ tí okùn-àárín bá já ni ipò náà máa ń ṣiṣẹ́.

4. Ìbéèrè tí ó wà nínú ìdákẹ́

Ẹ jẹ́ kí á fi ara wa sí ipò Kẹ́hìndé ní ìṣẹ́jú-àáyá tí okùn-àárín dákẹ́. Kí ni ó mọ̀? Ohun kan ṣoṣo ni: òun kò gbọ́ ohùn Táíwò mọ́. Ìtumọ̀ méjì ni èyí lè ní. Ó lè jẹ́ pé Táíwò ti kú, bóyá iná rẹ̀ ni ó lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ojúṣe Kẹ́hìndé ni láti máa bá iṣẹ́ lọ, kí ó sì gba ipò olórí. Ó sì lè jẹ́ pé Táíwò wà láàyè, pé okùn nìkan ni ó já. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ojúṣe Kẹ́hìndé ni láti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ̀rọ méjì tí kò gbọ́ra wọn yé má baà máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì rí bákan náà gan-an lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó ṣe nínú ọ̀kan tako ohun tí ó yẹ kí ó ṣe nínú èkejì.

Èyí ni a fi nílò ọ̀nà kejì, tí kò gbé ẹrù kankan, tí kò sì gba ibi kan náà pẹ̀lú okùn-àárín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ méjèèjì ń sọ lórí rẹ̀: 'mo wà'. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pe ọ̀rọ̀ yìí ní ohun tí ó ń mú ẹ̀mí dúró. Ṣùgbọ́n kò mú ẹ̀mí ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ̀rí lásán ni ó ń jẹ́. A dábàá *ìró mo-wà*, a ó sì pe ọ̀nà rẹ̀ ní *ọ̀nà mo-wà*. Gbólóhùn odindi ni a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ níhìn-ín, bí Yorùbá ti ń ṣe nínú orúkọ ènìyàn.

Ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń fọn ìró mo-wà. Nígbà tí okùn-àárín bá já, igbákejì kò ní í ka ìró tí ó bá gbọ́ sí fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 àkọ́kọ́, nítorí pé ìró tí olórí fọn kí ó tó kú lè ṣì wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, yóò fi ìṣẹ́jú-àáyá 5 tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ìró kan péré, ó mọ̀ pé olórí wà láàyè. Yóò ti gbogbo ẹsẹ̀ ìdìpọ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì ti ibodè tí àwọn kọ̀ǹpútà ń gbà ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde sí agbolé mìíràn. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, yóò gba ipò olórí.

Bí a ṣe ń kọ àṣẹ rẹ̀ sí Táíwò nìyí:

```
vpc domain 10
  role priority 1000
  peer-keepalive destination 10.99.0.2 source 10.99.0.1 vrf management
  auto-recovery
```

Ìlà kẹta ni ó la ọ̀nà mo-wà. Ọ̀rọ̀ tí ó parí rẹ̀, `management`, fi hàn pé ihò tí a yà sọ́tọ̀ fún àbójútó ẹ̀rọ ni ọ̀nà náà gbà, kì í ṣe àárín ẹrù.

5. Okùn-àárín já, ọ̀nà mo-wà ṣì wà

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Okùn-àárín já. Kẹ́hìndé dúró, ó tẹ́tí, ó gbọ́ 'mo wà' láti ọ̀dọ̀ Táíwò, ó sì ti àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Olùpèsè rí i pé ẹsẹ̀ tí ó lọ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé ti kú. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò rẹ̀, gbogbo ìdì sì gba ọ̀dọ̀ Táíwò. Gígábíìtì 20 di 10, ṣùgbọ́n kò sí ìjíròrò tí ó sọnù ju èyí tí ó wà lójú ọ̀nà ní àkókò náà lọ. Bí a bá tẹ `show vpc` lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, a ó rí ìlà wọ̀nyí láàárín àwọn yòókù:

```
Peer status             : peer link is down
vPC keep-alive status   : peer is alive
vPC role                : secondary
```

Ìlà kìíní sọ pé okùn-àárín ti lọ, ìlà kejì sọ pé ẹnìkejì wà láàyè. Ẹni tí ó bá rí méjèèjì pọ̀ lè fi ọkàn balẹ̀: ohun tí a ṣe ẹ̀rọ náà fún ni ó ń ṣe.

Síbẹ̀, àwọn kan yóò jìyà. Kọ̀ǹpútà tí ó ní okùn kan ṣoṣo, tí okùn náà sì wà lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, kò ní ibi tí yóò gbà mọ́. Okùn tirẹ̀ kò kú, iná ihò rẹ̀ ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé ìdì rẹ̀ kọjá. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni a ó pè ní *ihò òrukàn*, orúkọ yìí sì bá ti èdè Gẹ̀ẹ́sì mu pátápátá. Ó léwu jù fún kọ̀ǹpútà tí ó ní okùn méjì tí kò dì wọ́n pọ̀, tí ó ń lo ọ̀kan, tí ó sì fi èkejì pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Níwọ̀n ìgbà tí iná okùn rẹ̀ kìíní bá ń tàn lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, kò ní í mọ̀ pé ọjọ́ ìṣòro ti dé. Fún irú èyí, àṣẹ `vpc orphan-port suspend` wà, tí a ń kọ sí orí ihò náà. Ó ń sọ fún Kẹ́hìndé pé bí ó bá ti ń ti ẹsẹ̀ ìdìpọ̀, kí ó ti ihò yìí pẹ̀lú, kí kọ̀ǹpútà náà lè rí òkùnkùn, kí ó sì bọ́ sí okùn kejì.

6. Nígbà tí ọ̀nà méjèèjì bá dákẹ́

Àrùn tí a torí rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ yìí kì í dé ní ọwọ́ kan. Ìpele méjì ni ó ní, ìpele kìíní kì í sì í dun ẹnikẹ́ni.

Ìpele kìíní ni pé ọ̀nà mo-wà kú, bóyá ẹnìkan yọ okùn ihò àbójútó láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Kò sí ohun tí yóò yí padà. Okùn-àárín wà, ẹrù ń lọ, àwọn olùlò kò mọ nǹkan kan. Àyàfi ẹni tí ó bá wo ojú ẹ̀rọ ni yóò rí i pé ìlà `vPC keep-alive status` kò kà sí `peer is alive` mọ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Ìpele kejì ni pé okùn-àárín já. Kẹ́hìndé tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì sọ ara rẹ̀ di olórí. Táíwò, tí ó ti jẹ́ olórí tẹ́lẹ̀, kò kúrò ní ipò rẹ̀. Àgbò méjì wá ń mu omi nínú koto kan. Méjèèjì ṣì ń jẹ́ orúkọ kan náà, nítorí náà olùpèsè kò rí àyípadà kankan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà láàyè, ó sì ń pín ìdì sí méjèèjì bí ti tẹ́lẹ̀.

Báwo ni ìpalára ṣe ń dé? Kọ̀ǹpútà tí ó ní ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì lè máa bá irú rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé ibi yòówù tí ìdì bá bọ́ sí, ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí yóò gbà jáde. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi lè fara sin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi kọ̀ǹpútà kan kún un, èyí tí ó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ìwé, tí okùn rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ Táíwò. Ó béèrè ìwé lọ́wọ́ olùpèsè, ìbéèrè náà gba ọ̀dọ̀ Táíwò dé ibi tí ó ń lọ. Olùpèsè ṣe ìṣirò láti dáhùn. Bí èsì ìṣirò bá bọ́ sí ẹsẹ̀ Táíwò, ìdáhùn dé láyọ̀. Bí ó bá bọ́ sí ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé, ìdáhùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ọ̀nà kankan sí ibi tí ó ń lọ. Kẹ́hìndé yóò kéde rẹ̀ sí gbogbo ihò tí ó mọ̀, lásán, ìdì náà yóò sì ṣègbé.

Bí ìṣirò náà bá ka nọ́ńbà ìjíròrò pẹ̀lú àdírẹ́sì, ohun tí olùlò yóò rí ni pé, nínú ìgbìyànjú mẹ́wàá, àwọn kan ṣí kíákíá, àwọn yòókù dúró títí wọ́n fi sú. Èyí tí ó bá ti ṣí kì í já lẹ́yìn náà. Èyí tí ó bá dúró kì í lọ bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì nìkan ni a kà, kọ̀ǹpútà òrukàn kan yóò máa rí olùpèsè nígbà gbogbo, aládùúgbò rẹ̀ kò sì ní í rí i láéláé. Àmì àrùn náà nìyí. Okùn tí ó fẹ́ já máa ń pa ìdì ní ibi gbogbo láìṣàṣàyàn, ṣùgbọ́n olórí méjì ń pín ìjíròrò sí òkú àti ààyè, ìpín náà kì í sì í yí padà. Kí ó lè dá ènìyàn lójú, kí ó tẹ `show vpc` lọ́dọ̀ ẹ̀rọ méjèèjì, kí ó wo ìlà `vPC role`. Bí Táíwò bá sọ pé `primary`, tí Kẹ́hìndé náà sì sọ pé `secondary, operational primary`, tí àwọn méjèèjì sì wí pé okùn-àárín ti já, a ti mú olè náà.

Ìtọ́jú rẹ̀ ní ètò. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn-àárín. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti àwọn ẹsẹ̀ ìdìpọ̀ ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé pẹ̀lú àṣẹ `shutdown`, kí ó lè padà jẹ́ olórí kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ọ̀nà mo-wà ṣe, kí ẹ sì rí i lójú ẹ̀rọ pé `peer is alive` ti padà. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tún okùn-àárín ṣe, kí ẹ sì ṣí àwọn ẹsẹ̀ náà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

7. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè mọ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò fi kọ́ Kẹ́hìndé kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ikú Táíwò àti ìdákẹ́ méjèèjì? Ìdáhùn ni pé kò ṣeé ṣe. Bí iná Táíwò bá lọ, okùn-àárín yóò dákẹ́, ọ̀nà mo-wà yóò dákẹ́. Bí ọ̀nà méjèèjì bá já, wọn yóò dákẹ́ bákan náà. Ibi tí ẹni mẹ́ta bá wà, méjì lè fi ẹnu kò, kí ẹni kẹta sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn ètò kan ń lo irú ìbò bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, méjì péré ni wọ́n, kò sí ẹlẹ́rìí. Gbogbo ohun tí ó kù fún ènìyàn ni láti rí i pé ohun kan ṣoṣo kò lè pa ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, ọ̀nà mo-wà kò gbọdọ̀ gba orí okùn-àárín fúnra rẹ̀ láé. Kí ó má ṣe gba inú páìpù kan náà, kí ẹ̀rọ-oríta kékeré tí ó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀ má sì ṣe pín iná pẹ̀lú àwọn tí ó ń ṣọ́. Nínú ẹ̀rọ ńlá tí ó ní pátákó olùdarí méjì, kí a má ṣe fi okùn kan so ihò àbójútó Táíwò tààrà mọ́ ti Kẹ́hìndé, nítorí pé ihò pátákó tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ pátákó kejì, ọ̀nà mo-wà yóò dákẹ́. Ẹ̀rọ-oríta kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín, tí pátákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní okùn sí.

Ìlà ìkẹyìn nínú àṣẹ tí a kọ lókè, `auto-recovery`, náà ní ojú méjì. Ká ní okùn-àárín já, tí Kẹ́hìndé sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, kí Táíwò tó wá kú lẹ́yìn náà. Láìsí àṣẹ yìí, Kẹ́hìndé yóò jókòó ní ipò igbákejì, gbogbo iṣẹ́ yóò sì dúró. Pẹ̀lú rẹ̀, bí ìró mo-wà bá dá léraléra, Kẹ́hìndé yóò dìde, yóò sì gba iṣẹ́. Bákan náà ni, bí iná gbogbo ilé bá lọ tí ó sì jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó padà, yóò dúró de ẹnìkejì fún ìṣẹ́jú-àáyá 240 kí ó tó dá ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan náà yìí ni yóò jí Kẹ́hìndé dìde bí ó bá jẹ́ ọ̀nà mo-wà ni ó já, tí Táíwò sì wà láàyè. A fi ewu kékeré kan ra ewu ńlá kan. Ó tọ́ láti rà á, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà mo-wà bá lágbára.

Ohun kan kù tí ó máa ń tan àwọn òṣìṣẹ́ jẹ. Bí Táíwò bá kú tí ó sì padà, kò ní í gba ipò olórí padà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Nọ́ńbà 1000 ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ó ń ṣe olórí. Bí okùn-àárín bá wá já lẹ́yìn èyí, Táíwò ni yóò ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ti kó gbogbo kọ̀ǹpútà olókùn-kan sọ́dọ̀ Táíwò nítorí pé 'òun ni olórí' yóò rí gbogbo wọn di òrukàn ní ọjọ́ kan.

8. Ìkádìí: orúkọ àrùn náà

A lè wá sọ àrùn náà lórúkọ nísinsìnyí. A dábàá *ìjẹ́-olórí-méjì*. Ìdí mẹ́ta ni a ní. Orúkọ yìí kò sọ pé ẹ̀rọ kankan bàjẹ́, kò sì sí èyí tí ó bàjẹ́ nínú wọn. Ó sọ iye ohun tí ó pọ̀ jù, ìyẹn ipò olórí, èyí tí ìlànà `vpc` fẹ́ kí ó jẹ́ ẹyọ kan. Ó sì tọ́ka sí ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè nígbà tí ìjíròrò bá ń pín sí òkú àti ààyè, pé 'ta ni olórí?', ìbéèrè tí ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè dáhùn.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tí a fi síwájú àwọn òǹkàwé fún àyẹ̀wò ni ẹ̀rọ-oríta, ìdìpọ̀-okùn ẹlẹ́rọ-méjì, okùn-àárín, ìró mo-wà àti ihò òrukàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára jù wọ́n lọ, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá yàn ní ìkẹyìn kò gbọdọ̀ da ìdákẹ́ pọ̀ mọ́ ikú, nítorí inú ìdàpọ̀ méjì yìí gan-an ni àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀.